Bíìmù kọnkéré tí a fún pọ̀ kí ẹrù tó dé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìyapa okùn, àdánù agbára àti ààlà ìnira

Bíìmù kan ṣoṣo ni mo fi dáhùn gbogbo ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ẹni tó ń kà á lè máa tọ nọ́ńbà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bíìmù náà gùn ní 12 m láti ibi ìjókòó kan sí ìkejì. Ó fẹ̀ ní 300 mm, ó sì ga ní 800 mm. Ara rẹ̀ wúwo tó 6 kN lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹrù tí kò ní kúrò lórí rẹ̀ mọ́ jẹ́ 8 kN lórí mítà, ẹrù tó ń wá tó ń lọ sì jẹ́ 16 kN. Agbára kọnkéré rẹ̀ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n jẹ́ 40 N/mm². Okùn irin mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Ìbú okùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15.2 mm, ojú rẹ̀ tí a bá gé e sì jẹ́ 140 mm². A ti fa àwọn okùn náà le kí a tó da kọnkéré lé wọn lórí.

Kí ló dé tí a fi ń fa irin kí ẹrù tó dé rárá?

Kọnkéré lè fara da ìfúnpọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè fara da ìfàya. Kọnkéré tí a bá fún pọ̀ dé 40 N/mm² kó tó fọ́ máa là nígbà tí ìfàya bá dé nǹkan bíi 3.5 N/mm². Ìnira tí mo ń sọ jálẹ̀ ojú ìwé yìí ni agbára tó já lé 1 mm² kọnkéré.

Ẹ wo bíìmù wa. Àpapọ̀ ẹrù rẹ̀ jẹ́ 30 kN lórí mítà. Ìyẹn fún un ní ipá ìtẹ̀ 540 kNm ní àárín gbùngbùn, ipá náà sì fa ìnira 16.9 N/mm² ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Ti òkè jẹ́ ìfúnpọ̀, kọnkéré lè gbé e. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ìfàya, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ohun tí kọnkéré lè gbà. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó ti fi ìfúnpọ̀ sí ìsàlẹ̀ bíìmù náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá dé, yóò kọ́kọ́ jẹ ìfúnpọ̀ yẹn tán kí ìfàya tó lè bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ìyapa okùn, kí ló sì ń ṣe gan-an?

Ìyapa, tí a ń fi `e` pè, ni bí okùn irin ṣe jìnnà sí ìlà àárín gíga bíìmù tó. Ìlà àárín wa wà ní 400 mm láti ìsàlẹ̀. Bí àárín àwọn okùn bá wà ní 160 mm láti ìsàlẹ̀, ìyapa jẹ́ 240 mm.

Okùn tí kò ní ìyapa kàn ń fún gbogbo ojú bíìmù pọ̀ bákan náà, òkè bí ìsàlẹ̀. Okùn tó ní ìyapa ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń fún bíìmù pọ̀, ó sì tún ń tẹ̀ ẹ́ sókè, ìyẹn ìdàkejì ohun tí ẹrù ń ṣe. Bí a bá fi àmì ìròpọ̀ sí ìfúnpọ̀ tí a sì fi àmì ìyọkúrò sí ìfàya, ìlà méjì yìí ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ dání:

```
isale = P/A + P*e/Z - M/Z
oke   = P/A - P*e/Z + M/Z
```

`P` ni agbára okùn, `A` ni ojú bíìmù (240,000 mm²), `M` ni ipá ìtẹ̀, `Z` sì ni ìwọ̀n bí ìrísí ojú bíìmù ṣe ń kọ ìtẹ̀, tó jẹ́ 32,000,000 mm³ fún bíìmù onígun mẹ́rin yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo èrè tó wà nínú ìyapa. A fẹ́ kí ìfàya ìsàlẹ̀ má ju 3.5 lọ, nítorí náà okùn gbọ́dọ̀ fún wa ní ìfúnpọ̀ 13.4 N/mm² níbẹ̀. Láìsí ìyapa, a nílò nǹkan bíi 3,200 kN. Pẹ̀lú ìyapa 240 mm, 1 mm² kọ̀ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ gba ìfúnpọ̀ tó jẹ́ ìlọ́po 2.8 ti `P/A`, nítorí náà nǹkan bíi 1,150 kN ti tó. Okùn tí a nílò dín kù sí bíi ìdá mẹ́ta lásán nítorí ibi tí a gbé e sí.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ò kàn gbé okùn sí ìsàlẹ̀ pátápátá?

Nítorí pé ọjọ́ tó le fún bíìmù yìí ju ẹyọ kan lọ, àwọn ọjọ́ náà sì ń fà síra wọn.

Ọjọ́ kìíní ni ọjọ́ ìtúsílẹ̀, nígbà tí a gé okùn kúrò lára ohun tó dì í mú, tí agbára rẹ̀ sì bọ́ sára kọnkéré. Lọ́jọ́ yẹn okùn ṣì le jù lọ, kọnkéré kò tíì gbó, ẹrù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ sì ni ìwọ̀n ara bíìmù. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìlò, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí okùn ti pàdánù apá kan agbára rẹ̀ tí gbogbo ẹrù sì wà lórí. Lọ́jọ́ ìtúsílẹ̀ òkè bíìmù ló wà nínú ewu. Lọ́jọ́ ìlò ìsàlẹ̀ ló wà nínú ewu. Ìyapa tó bá pọ̀ jù ń gba ìsàlẹ̀ là, á sì la òkè.

Ààlà kan wà tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ sórí. Fún bíìmù onígun mẹ́rin, bí ìyapa bá ju ìdá mẹ́fà gíga lọ (133 mm fún tiwa), okùn fúnra rẹ̀ máa ń fa ìfàya sí òkè. Tiwa ti kọjá ibẹ̀. Ìwọ̀n ara bíìmù nìkan ló ń bá wa pa ìfàya yẹn kù.

Ààlà wo ni ìnira kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́jọ́ ìtúsílẹ̀?

Gẹ́gẹ́ bí òfin ìkọ́lé Yúróòpù, EN 1992, ìfúnpọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.6 agbára kọnkéré lọ́jọ́ náà gan-an. Mo tẹnu mọ́ «lọ́jọ́ náà gan-an» nítorí pé agbára ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kọ́ là ń lò. Bí kọnkéré wa bá ti tó 30 N/mm² nígbà tí a fẹ́ gé okùn, ààlà jẹ́ 18 N/mm². Ní ti ìfàya, àwọn oníṣirò sábà máa ń dúró sí ìpíndọ́gba agbára ìfàya kọnkéré lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ 2.9 N/mm² fún kọnkéré 30. Òfin Amẹ́ríkà, ACI 318, le ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìfàya: fún kọnkéré yìí, bó bá kọjá bíi 1.4 níbi tí kì í ṣe ìpẹ̀kun, ẹ gbọ́dọ̀ fi irin mìíràn sí òkè láti gbé ìfàya náà.

Agbára okùn mẹ́jọ wa lọ́jọ́ ìtúsílẹ̀ jẹ́ 1,490 kN (ẹ ó rí bí mo ṣe dé ibẹ̀ nísàlẹ̀), `P/A` sì jẹ́ 6.2. Ìwọ̀n ara bíìmù fún wa ní 3.4. Ní àárín gbùngbùn, ìsàlẹ̀ jẹ́ 14.0 N/mm² ìfúnpọ̀, kò dé 18. Òkè jẹ́ 1.6 N/mm² ìfàya. Ó wọlé lábẹ́ òfin Yúróòpù. Lábẹ́ ti Amẹ́ríkà, a ó fi irin díẹ̀ kún òkè.

Ká ní a ti gbé okùn lọ sí ìyapa 280 mm ńkọ́? Òkè á di 3.4 N/mm² ìfàya, á sì là lọ́jọ́ tí a gé okùn, kó tó rí ẹrù kankan. Ìyàtọ̀ 40 mm péré nìyẹn.

Àárín ti wọlé. Ṣé ìpẹ̀kun náà wọlé?

Rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwòrán bíìmù ti ń kùnà. Ní ìpẹ̀kun, ipá ìtẹ̀ ìwọ̀n ara jẹ́ òdo. Ohun tó ń bá wa pa ìfàya òkè kù kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí okùn bá lọ tààrà ní ìyapa 240 mm láti ìkángun dé ìkángun, òkè á ní ìfàya 5.0 N/mm², bẹ́ẹ̀ ààlà jẹ́ 2.9.

Ẹnì kan lè sọ pé okùn kì í fún kọnkéré pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìkángun gan-an. Òótọ́ ni. Agbára okùn ń wọ inú kọnkéré díẹ̀díẹ̀ lórí gígùn tó tó ìlọ́po 50 sí 60 ìbú okùn, ìyẹn bíi 0.8 m fún tiwa. Ṣùgbọ́n ní 0.8 m, ìwọ̀n ara bíìmù kò tíì fún wa ju 0.8 N/mm² lọ. Ìfàya ṣì jẹ́ 4.1. Á là.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí a fi ọ̀rá bo àwọn okùn kan ní ìpẹ̀kun kí wọ́n má bàa di mọ́ kọnkéré níbẹ̀. Fún bíìmù wa, a máa ní láti bo mẹ́rin nínú mẹ́jọ, kí a sì bò wọ́n fún bíi 2.3 m kí ìwọ̀n ara tó lè gba iṣẹ́ náà. Ìdajì okùn ti pọ̀ jù lójú mi, nítorí pé agbára ìgékọjá ní ìpẹ̀kun náà nílò àwọn okùn yẹn. Ọ̀nà kejì ni kí a gbé okùn sókè sí ìpẹ̀kun: kí ìyapa jẹ́ 240 mm ní ìdá mẹ́ta àárín, kó wá máa dín kù títí yóò fi di 120 mm ní ìkángun. Nígbà náà ìyapa ìkángun kò dé 133 mm, òkè níbẹ̀ sì di ìfúnpọ̀ 0.6 N/mm². Ìsàlẹ̀ di 11.8. Èyí ni mo yàn fún bíìmù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba pé kí ohun tó di okùn mọ́lẹ̀ ní ibi tó ti tẹ̀ lágbára gan-an.

Níbo ni agbára okùn ń lọ?

A fa okùn dé 1,395 N/mm², ìyẹn 0.75 agbára rẹ̀ tó jẹ́ 1,860. Àpapọ̀ jẹ́ 1,562 kN. Agbára yẹn kò ní dúró bẹ́ẹ̀.

Àdánù àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí okùn bá fún kọnkéré pọ̀, kọnkéré kúrú díẹ̀, okùn tó wà nínú rẹ̀ sì kúrú pẹ̀lú rẹ̀, ó dẹ̀. Ìnira kọnkéré níbi tí okùn wà jẹ́ 10.9 N/mm². Irin le ju kọnkéré ọjọ́ náà lọ ní ìlọ́po bíi 5.94. Ìlọ́po méjèèjì fún wa ní 65 N/mm². Okùn wá kù sí 1,330, àpapọ̀ sì jẹ́ 1,490 kN tí a lò lókè.

Àwọn yòókù ń bọ̀ pẹ̀lú ọdún. Kọnkéré ń gbẹ, ó ń súnkì. Bí ìsúnkì bá jẹ́ 0.00035, okùn pàdánù bíi 68 N/mm². Kọnkéré tí ẹrù wà lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ tún ń kúrú sí i díẹ̀díẹ̀. Èyí ló máa ń tóbi jù: ìnira tí kò kúrò níbi okùn jẹ́ 8.2, bí kíkúrú náà bá sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ojú ẹsẹ̀, ó jẹ́ 91, nítorí pé kọnkéré ti le ju ti ọjọ́ ìtúsílẹ̀ lọ. Okùn fúnra rẹ̀ tí a fà tí a kò sì tú sílẹ̀ máa ń dẹ̀ pẹ̀lú àkókò. Ẹ fi 40 sí i fún irú okùn tí kì í tètè dẹ̀. Àpapọ̀ jẹ́ 199.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe 199 la ó yọ. Bí okùn ṣe ń dẹ̀, ìfúnpọ̀ lórí kọnkéré ń dín kù, kọnkéré kò sì ní kúrú tó bí a ti rò. EN 1992 ní ìpín kan fún èyí, tó jẹ́ bíi 1.14 fún tiwa, tó sọ 199 di 175. Bí a bá fi 65 àkọ́kọ́ kún un, a ti pàdánù 240 N/mm², ìyẹn 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó kù jẹ́ 1,155 N/mm², tàbí 1,294 kN.

Ẹ wo 240 yẹn dáadáa. Òun ló fà á tí àwọn tó gbìyànjú iṣẹ́ yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò fi yege: irin tí wọ́n ní kò gbà kí a fà á ju bíi 100 sí 150 N/mm² lọ, ìsúnkì kọnkéré sì ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Freyssinet, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gba ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá lórí ọ̀nà yìí ní 1928, lóye pé àfi kí irin le gan-an kí ohun kan tó lè ṣẹ́ kù lẹ́yìn àdánù.

Ṣé bíìmù náà yege lọ́jọ́ ìlò?

Pẹ̀lú 1,294 kN, `P/A` jẹ́ 5.4. Nígbà tí gbogbo ẹrù bá wà lórí, ìsàlẹ̀ ní àárín gbùngbùn jẹ́ 1.8 N/mm² ìfàya. Agbára ìfàya kọnkéré 40 jẹ́ 3.5, kò ní là. Òkè jẹ́ 12.6 ìfúnpọ̀, ààlà sì jẹ́ 24, ìyẹn 0.6 ti 40.

Àyẹ̀wò kejì wà tí àwọn kan máa ń gbójú fò, ìyẹn ti ẹrù tí kò kúrò lórí bíìmù. Ààlà ìfúnpọ̀ níbẹ̀ jẹ́ 0.45, tó jẹ́ 18 N/mm², nítorí pé bó bá kọjá ibẹ̀, kíkúrú kọnkéré lábẹ́ ẹrù á yára ju bí a ti ṣírò lọ. Tiwa jẹ́ 3.6 ní òkè àti 7.2 ìfúnpọ̀ ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹrù tó ń lọ bá ti lọ, ìsàlẹ̀ bíìmù kò ní ìfàya rárá. Èyí ṣe pàtàkì fún irin ju nọ́ńbà 1.8 lọ, nítorí omi kì í rí ojú ọ̀nà wọlé.

Ṣé kí n ro àdánù pọ̀ díẹ̀ kí ọkàn mi lè balẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, bí àdánù bá jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún dípò 17, ìfàya ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ ìlò á di 4.1, bíìmù á sì là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rù èyí tó sì fi okùn méjì kún un, tó sọ wọ́n di mẹ́wàá, á rí i pé ìfúnpọ̀ ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ ìtúsílẹ̀ ti kan 18 gan-an, ìfàya òkè sì ti di 2.75. Ó ti gbé ewu kúrò lọ́jọ́ ìlò, ó gbé e wá sí ọjọ́ ìtúsílẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni kí a ṣírò àdánù tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, kí a fi ti kékeré yẹ ọjọ́ ìtúsílẹ̀ wò, kí a sì fi ti púpọ̀ yẹ ọjọ́ ìlò wò.

Bí ìnira bá ti wọlé ní ọjọ́ méjèèjì, ṣé iṣẹ́ ti parí?

Kò tíì parí. Ìnira ń sọ bóyá bíìmù á là. Kò sọ bóyá á wó. Agbára ìkẹyìn jẹ́ ìṣirò ọ̀tọ̀. Tiwa lè gbé bíi 835 kNm, ẹrù tí a ti fi ìlọ́po ààbò sí lórí sì ń béèrè 772. Ó yege, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú ààyè púpọ̀.

Bí okùn bá jẹ́ èyí tí a fà lẹ́yìn tí kọnkéré ti le ńkọ́?

Àdánù méjì á kún un. Okùn á máa fara gbo ògiri ihò tó gbà kọjá, nítorí náà agbára tó dé ọ̀nà jíjìn kéré sí ti ibi jáàkì. Èkejì ni pé ohun tó di okùn mú máa ń yọ̀ wọlé díẹ̀ kó tó le. Bó bá yọ̀ ní 6 mm lórí okùn 12 m, bí a kò bá ka ìfaragbò kún un, okùn ti pàdánù 97 N/mm². Lórí okùn 60 m, 6 mm kan náà kò ju bíi 20 lọ. Fún bíìmù kúkúrú, ẹ wọn yíyọ̀ náà; ẹ má ṣe gbé e lé ìwé olùtajà.

Báwo la ṣe lè mọ̀ níbi iṣẹ́ pé ohun tí a ṣírò ni a rí?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà fífà. Okùn tó gùn ní 60 m lórí ibùsùn ìfà gbọ́dọ̀ gùn sí i ní bíi 429 mm nígbà tó bá dé 1,395. Ẹ fi rúlà wọn gígùn náà, kí ẹ sì fi wé ohun tí jáàkì ń kà. Bí ìyàtọ̀ bá ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ dúró kí ẹ wá ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé okùn há níbì kan tàbí pé jáàkì nílò àtúnṣe.

Kí a tó gé okùn, ẹ fọ́ àwọn àpẹẹrẹ kọnkéré tó ti gbé níbi kan náà pẹ̀lú bíìmù. Àpẹẹrẹ tí a rì sínú omi gbígbóná kò sọ òótọ́ nípa bíìmù tó wà níta. Bó bá jẹ́ 25 dípò 30, ààlà ìfúnpọ̀ ti bọ́ sí 15, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ wa jẹ́ 14.0. Kò sí ààyè mọ́.

Lẹ́yìn gígé, ẹ wo ojú okùn ní ìkángun. Okùn kọ̀ọ̀kan máa ń wọlé ní bíi 3 mm. Bí ọ̀kan bá wọlé ní 6 tàbí 7 mm, kò di mọ́ kọnkéré dáadáa, agbára rẹ̀ ò sì tíì dé ibi tí a rò pé ó dé. Ẹ wo òkè bíìmù náà nítòsí ìpẹ̀kun, ní mítà kìíní sí ìkejì: ìlà tó dá bíìmù náà kọjá níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ìyapa pọ̀ jù ní ìpẹ̀kun tàbí pé kọnkéré kò tíì gbó.

Níkẹyìn, ẹ na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìkángun dé ìkángun, kí ẹ sì wọn bí àárín bíìmù ṣe gbéra sókè. Ti bíìmù yìí gbọ́dọ̀ sún mọ́ 10 mm lọ́jọ́ ìtúsílẹ̀: okùn gbé e ní 14, ìwọ̀n ara rẹ̀ sì fà á padà ní 4. Bí àwọn bíìmù tó jáde láti ibùsùn kan náà bá ń gbéra ní 9, 10, 11 mm tí ọ̀kan sì gbéra ní 18, ẹ kọ́kọ́ yẹ agbára kọnkéré ti ọ̀kan yẹn wò, nítorí pé gbogbo wọn jọ lo okùn kan náà.